Iná Lọ, Wáyà Kò Kú: Ìkìlọ̀ Fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbẹ́ Yàrà Láàárín Ìlú

Ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe, ẹ̀yin fọ́máànù, àti ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù tí ẹ ń dáwó jọ kí omi ẹ̀rọ lè dé àdúgbò yín, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fi dígà kan ilẹ̀ níbi tí wáyà iná àti páìpù omi àtijọ́ ti wà lábẹ́ ilẹ̀, ìwé kan wà tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín. Ìwé àyẹ̀wò ewu ni. Inú rẹ̀ la máa ń kọ ohun tó lè pa èèyàn tàbí ṣe é léṣe lẹ́nu iṣẹ́ náà sí, ẹni tó lè kàn, ohun tí a ó ṣe kó má bàa ṣẹlẹ̀, àti orúkọ ẹni tí yóò ṣe é. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ní i nínú fáìlì. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i.

Gbólóhùn méjì tó wọ́pọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Èkíní ní: “Kò sí iná ní àdúgbò náà lásìkò iṣẹ́.” Èkejì ní: “A ti fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò, a kò rí wáyà kankan.” Ẹni tó kọ wọ́n lè má purọ́ rárá. Ó lè jẹ́ pé iná kò sí lóòótọ́, kí ẹ̀rọ náà má sì dún lóòótọ́. Síbẹ̀, gbólóhùn méjèèjì lè gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ọ̀run, nítorí pé ìkíní kò sọ pé wáyà ti kú, èkejì kò sì sọ pé wáyà kò sí. Ohun tó tún burú jù ni pé ìkíní ló máa ń bí èkejì, bí mo ṣe máa ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iná tó lọ. Nígbà tí iléeṣẹ́ iná bá mú iná lọ nítorí pé kò tó pín káàkiri, wọ́n sábà máa ń pa á láti ibùdó tó jìnnà sí àdúgbò yín. Òṣìṣẹ́ tó pa á kò mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú yàrà lẹ́bàá títì yín. Nígbà tí wọ́n bá ní kó dá iná padà, yóò dá a padà ni, kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ké sí yín. Wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ náà ṣì so mọ́ tiransífọ́mà, tiransífọ́mà sì ṣì so mọ́ ìlà ńlá. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló wà láàárín wáyà tí kò ní iná àti wáyà tó ní iná.

Bí irin dígà bá wá wọ inú wáyà abẹ́lẹ̀ tó ní iná, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí kí iná gbe èèyàn nínú ilé. Irin náà yóò so ìlà iná kan pọ̀ mọ́ òmíràn, tàbí mọ́ ihámọ́ra onírin tó yí wáyà náà ká. Ẹ wo tiransífọ́mà 500 tó wọ́pọ̀ ní àdúgbò wa. Ní 415 fólítì, iná tó lè gbé síta fún gbogbo ilé kò ju nǹkan bí 700 áńpù lọ. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá gbá ara wọn nítòsí rẹ̀, iná tí yóò ya lọ síbi kan náà lẹ́ẹ̀kan lè ju 10,000 áńpù lọ. Bàbà inú wáyà yóò yọ́, yóò di èéfín gbígbóná, ọ̀wọ́ iná yóò sì bẹ́ jáde sí ojú, àyà àti ọwọ́ ẹni tó di dígà mú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kò lè dá ooru yẹn dúró. Igi tí a fi ṣe èèkù dígà lè gba ẹni náà lọ́wọ́ iná tó ń gbe èèyàn, kò lè gbà á lọ́wọ́ iná tó ń jó èèyàn.

Fíúùsì ló yẹ kó yára já kí ọ̀wọ́ iná náà kú. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo àpótí fíúùsì lábẹ́ ọ̀pọ̀ tiransífọ́mà wa. Níbi tí fíúùsì ti já tí wọn kò rí òmíràn rà, wáyà lásán ni wọ́n fi dì í. Wáyà bẹ́ẹ̀ kì í yára já bí fíúùsì gidi, nítorí náà iná yóò máa jó lọ títí. Ẹni tó ń kọ ìwé àyẹ̀wò ewu gbọ́dọ̀ lọ bèèrè bí àpótí yẹn ṣe rí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná, kó sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Kí ó má fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i o.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ìwé tí wọ́n kọ ní ìlú òyìnbó kò ní rán yín létí tó. Nígbà tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Bí ilé kan kò bá ní ìyípadà tó dára, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n kàn ki wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ ojú iná inú ilé láìyọ ti iléeṣẹ́ iná, iná jẹnẹrétọ̀ yẹn yóò gba mítà padà jáde sínú wáyà títì. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní òkú yóò ti ní iná láti ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí òpó iná mọ èyí dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ kì í sábà gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí a fi ń wá wáyà lábẹ́ ilẹ̀ jẹ́ ọ̀pá gbọọrọ tí a ń gbé lọ gbé bọ̀ lórí ilẹ̀, tí ń dún bó bá gbọ́ àmì. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta tó ń gbà ṣiṣẹ́, ibi tí a bá yí i sí ló sì ń pinnu ohun tí yóò gbọ́. Ọ̀nà kìíní ń gbọ́ iná tó ń ṣàn nínú wáyà lásìkò náà. Bí iná kò bá ṣàn, kò sí ohun tí yóò gbọ́. Ẹ wá rí i báyìí: ẹni tó lo ọ̀nà yìí lásìkò tí iná ti lọ, tó sì kọ ọ́ pé òun kò rí wáyà kankan, kò tíì ṣe àyẹ̀wò kankan. Kódà nígbà tí iná bá wà, wáyà tó lọ sí ilé tí kò sí ohun tó ń lo iná níbẹ̀ lè má dún. Wáyà ńlá tí iná pín dọ́gba sórí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà lè dákẹ́, nítorí pé àmì ìlà kan ń pa ti èkejì rẹ́.

Ọ̀nà kejì ń gbọ́ àmì rédíò láti ọ̀nà jíjìn tó bá wọ inú irin tàbí wáyà gígùn tó sì ń jáde níbẹ̀. Ó lè gbé wáyà tí kò ní iná jáde, ó sì lè gbé páìpù onírin jáde, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ gbogbo wọn. Ọ̀nà kẹta ló dára jù. Àpótí kékeré kan wà tí ń fi àmì tirẹ̀ ránṣẹ́. A ó gbé e sórí ilẹ̀ tàbí kí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà so ó mọ́ wáyà tàbí páìpù tí a ti mọ̀, ọ̀pá náà yóò sì máa tẹ̀ lé àmì yẹn. Níbi tí iná kì í ti í dúró, bíi tiwa, mi ò rí ìdí tí a ó fi gba ìwé àyẹ̀wò tí wọn kò ti lo àpótí yìí. Páìpù oníke ńkọ́? Kò sí ọ̀kankan nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè gbọ́ ọ, àfi bí wọ́n bá ti na wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń rì í. Oníke sì ni ọ̀pọ̀ páìpù tí àwọn onílé fi fa omi wọlé.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni, ẹ jẹ́ ká gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ bí àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ní àdúgbò àtijọ́ kan nílùú Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ gbẹ́ yàrà kan tó gùn ní mítà 60, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó sì jìn ní mítà 1.2, láti ri páìpù omi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ títì. Tiransífọ́mà kan wà ní oríta. Páìpù omi onírin àtijọ́ kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 ń bá títì náà lọ. Ilé wà ní ọ̀tún àti òsì.

Ẹni tó fẹ́ kọ ìwé náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin títì náà. Kó wo òpó tó wà lẹ́bàá tiransífọ́mà: ibi tí wáyà dúdú ńlá bá ti sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ilẹ̀, ibẹ̀ ni wáyà abẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kó wá ibi tí wọn yóò ti gòkè padà ní òdìkejì. Kó wo ìdérí irin kékeré tó ń bo kọ́kọ́rọ́ páìpù, kó wo mítà omi, kó wo ibi tí wọ́n ti lẹ ọ̀dà títì tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù tó sì dábùú títì tààrà. Ibi tí koríko ti ń tutù yọ̀yọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ lè jẹ́ ibi tí páìpù ti ń jò. Lẹ́yìn náà kó bi àwọn baba àdúgbò àti púlọ́ńbà tó ti pẹ́ níbẹ̀. Kó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná àti ti iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀, kó bèèrè fún àwòrán ohun tí wọ́n rì síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwòrán kò sí, kó kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí pé àìsí àwòrán kì í ṣe àìsí wáyà.

Nínú àpẹẹrẹ wa yìí, àwòrán wà. Ó ní wáyà kan dábùú títì ní mítà 14 sí oríta, ó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 75. Ẹ̀rọ, pẹ̀lú àpótí rẹ̀, gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ó sì gbọ́ òmíràn ní mítà 22 tí àwòrán kò mọ̀ rárá. Wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí ilẹ̀. Wọn kò gbá èèkàn irin wọlẹ̀ láti sàmì. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni àwọn kan ti máa ń fi òòlù gbá irin wọlẹ̀ láti na okùn, irin yẹn sì lè gún wáyà ṣáájú dígà.

Títí di ibí yìí, ìwé tó wà lọ́wọ́ kò tíì pé. Àbá lásán ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Kòtò ìdánwò ló ń sọ òótọ́: ihò kékeré tí a fi ọwọ́ gbẹ́ dábùú ojú ọ̀nà yàrà, títí tí a ó fi fojú rí wáyà tàbí páìpù náà gan-an. A gbẹ́ ẹ ní ibi méjèèjì tí ẹ̀rọ ti dún, a sì tún gbẹ́ sí iwájú ilé kọ̀ọ̀kan tí omi ẹ̀rọ wọ̀, nítorí oníke tí ẹ̀rọ kò gbọ́. Ní mítà 14, wáyà jáde ní sẹ̀ǹtímítà 40 dípò 75. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: lẹ́yìn tí wọ́n ri wáyà yẹn, katapílà ti wá ha títì náà sílẹ̀, àgbàrá òjò sì ń bá a ha á lọ́dọọdún. Wáyà dúró síbi tó wà, ilẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ bá a. Ní mítà 22, wáyà kan tí ẹnì kan fà láti ilé sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò sí páìpù tó bò ó, kò sí bíríkì lórí rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 25 péré ló fi wà lábẹ́ ilẹ̀.

Kí ẹni tó ń gbẹ́ kòtò ìdánwò mọ àmì tí ilẹ̀ máa ń fi hàn. Ilẹ̀ pupa líle tí kò sí ẹni tó gbẹ́ ẹ rí máa ń rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣàdédé rọ̀, bí ó bá di yanrìn mímọ́ láàárín amọ̀, bí ẹ bá kan bíríkì tí wọ́n tò létòlétò, pẹlẹbẹ kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ọ̀já ike aláwọ̀, ẹ dúró. Ẹnì kan ti rin ibẹ̀ ṣáájú yín, ó sì fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀.

Ìgbà yìí ló wá kan kí wọ́n tún ìwé náà kọ. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kó yí padà ni ojú ọ̀nà yàrà. Nínú àpẹẹrẹ wa, páìpù onírin àtijọ́ yẹn àti wáyà ilé-sí-ṣọ́ọ̀bù wà lápá òsì. Bí yàrà bá bọ́ sí apá ọ̀tún láti mítà 16 lọ, kò ní pàdé wọn mọ́. Wáyà mítà 14 nìkan ló kù tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Owó tí wọ́n fi gbẹ́ kòtò ìdánwò ti san ara rẹ̀ padà, nítorí pé ewu tí a yà fún kò tún nílò ìdènà mìíràn.

Fún wáyà mítà 14, ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé kì í ṣe “kò sí iná.” Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná tó ní àṣẹ yóò wá yọ fíúùsì ìlà náà ní àpótí, yóò ti àpótí náà ní kọ́kọ́rọ́, yóò fi káàdì ìkìlọ̀ kọ́ ọ, yóò fi ohun èlò ìdánwò wò ó pé wáyà ti kú ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, yóò sì so ó mọ́ ilẹ̀. Síso mọ́ ilẹ̀ yẹn ni ìdáàbòbò lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ tó lè gba ẹ̀yìn wọlé. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún ọ̀gá sáìtì, tí ìyẹn yóò sì fọwọ́ sí i. Fóònù pé “ẹ̀gbọ́n, mo ti bá yín mú un lọ” kò lè dípò ìwé yìí, ẹni yòówù kó pè.

Ẹ tún kíyè sí nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kí wáyà méjì wà nínú kòtò kan náà, kí wọ́n jọra wọn bí ìbejì, kó sì jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pa. A kò lè fi ojú mọ èyí tó kú. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná nìkan ló ní ohun èlò tí a fi ń dá a mọ̀. Títí tí wọn yóò fi ṣe é, kí ìwé náà sọ ọ́ gbangba pé gbogbo wáyà tó wà níbẹ̀ ní iná. Bí iléeṣẹ́ iná kò bá tíì wá, iṣẹ́ kò tíì yá nìyẹn, bó ti wù kí lánlọ́ọ̀dù máa kánjú tó.

Kódà nígbà tí wọ́n bá ti pa á, gbígbẹ́ náà ní ìlànà tirẹ̀. Katapílà kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí wáyà fi jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 50, ọ̀tún, òsì, òkè. Láàárín àlà yẹn, ọwọ́ la ó fi gbẹ́ ẹ, ṣọ́bìrì la ó sì lò. Kí á gbẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ wáyà wọlé sí i, kí á má máa gbẹ́ láti òkè rẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá le, a lè fi dígà tú òkúta tó ti mì kúrò ní ibi tó jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ gbé e sókè kí á fi gbogbo agbára sọ ọ́ kalẹ̀ nítòsí wáyà. Bí wáyà bá ti hàn, kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe àtẹ̀gùn, kí ẹnikẹ́ni má fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ráyè. Kí á fi pákó tàbí okùn gbé e ró kó má bàa fà kalẹ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, nítorí ibẹ̀ ló máa ń já. Bí ara rẹ̀ bá sì bó, bó ti wù kó kéré tó, kí wọ́n sọ fún iléeṣẹ́ iná. Ibi tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ láìsọ lónìí ni omi yóò wọ̀ bó bá pẹ́.

Páìpù omi àtijọ́ náà ní ikú tirẹ̀ nínú, ẹ má fojú di í nítorí pé omi ni. Níbi tí páìpù ńlá bá ti yà, wọ́n máa ń da kọnkéré sẹ́yìn ìtẹ̀ náà, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn kọnkéré yẹn ló sì ń dì í mú. Páìpù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, tí omi inú rẹ̀ ní agbára tó lè gbé omi ga ní mítà 40, ń ti ìtẹ̀ onígun rẹ̀ síta pẹ̀lú agbára tó tó ìwọ̀n tọ́ọ̀nù 1.8. Bí ẹ bá gbẹ́ yàrà kọjá lẹ́yìn kọnkéré náà, ẹ ti mú ohun tó dì í mú kúrò. Páìpù lè tú lẹ́ẹ̀kan náà, omi yóò sì kún yàrà kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ tó nàró. Nítorí náà, bí kòtò ìdánwò bá kan kọnkéré tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ pe iléeṣẹ́ omi.

Kọ́kọ́rọ́ páìpù náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a kàn dárúkọ nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dípẹta, àwọn mìíràn sì ti wà lábẹ́ ọ̀dà títì láti ọdún pípẹ́. Kí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ omi tì í, kó sì ṣí i padà níṣojú ọ̀gá sáìtì ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Bí kò bá yí, a jẹ́ pé kò sí ìdènà níbẹ̀, kí a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Omi àti iná a tún máa pàdé nínú ògiri yàrà. Mítà onígun kan ilẹ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ. Nínú yàrà mítà 1.2, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti so páìpù ti wà pátápátá lábẹ́ ẹnu rẹ̀. Bí páìpù kan bá ń jò sẹ́yìn ògiri, ilẹ̀ yóò rọ̀ láìhàn síta, yóò sì ya lulẹ̀ lójijì, ó sì lè fa wáyà tó wà nínú rẹ̀ já. Ẹ máa wo ògiri láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, àti lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá tutù ju ìyókù lọ, ibi tó bá sán lórí ilẹ̀ lẹ́bàá ẹnu yàrà, àmì nìyẹn. Ẹ fi pákó tì í, kí ẹ sì jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ wà jáde jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ máàkì. Nínú ìwé yìí, a máa ń fún ewu kọ̀ọ̀kan ní 1 sí 5 fún bó ṣe rọrùn tó láti ṣẹlẹ̀, àti 1 sí 5 fún bí ìpalára rẹ̀ ṣe lè burú tó, a ó sì sọ méjèèjì di púpọ̀. Kí á tó ṣe ohunkóhun, wáyà mítà 14 gba 4 àti 5: 20 nìyẹn. Mo ti rí ìwé tí wọ́n ti kọ ọ́ pé nítorí ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà, ìpalára ti di 2, gbogbo rẹ̀ sì di 8. Irọ́ ni. Ẹni tí ọ̀wọ́ iná bá jó, ìbọ̀wọ́ kò sọ ikú rẹ̀ di ọgbẹ́. Pípa wáyà àti fífi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ ń dín bó ṣe rọrùn tó láti ṣẹlẹ̀ kù, láti 4 sí 1. Ìpalára ṣì jẹ́ 5. Níbi tí ẹ bá ti rí i pé ìpalára wáyà iná lọ sílẹ̀ nínú ìwé, ẹ má fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ṣàlàyé.

Kí ojú ewé kan nínú ìwé náà wà fún ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, kí wọ́n sì kà á fún àwọn gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́ láràárọ̀, yálà Yorùbá ni tàbí Haúsá tàbí Ègùn. Bí wáyà bá bú, kí gbogbo èèyàn jáde, kí wọ́n jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má padà lọ mú irin iṣẹ́ rẹ̀. Kódà bí iná bá kú lẹ́yìn tí ó bú, ẹ má gbà pé ó parí, torí wọ́n lè dá a padà láti ibùdó. Ẹni tó wà lórí katapílà tó kan wáyà, kó jókòó síbẹ̀ títí tí iléeṣẹ́ iná yóò fi pa á. Àfi bí katapílà bá gbiná nìkan ni kó fò sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, láìjẹ́ kí ara rẹ̀ kan irin àti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì máa fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ ní ìṣísẹ̀ kéékèèké. Ẹ má fọwọ́ kan ẹni tí iná ṣì dì mú. Bí omi bá ti kún yàrà tí wáyà wà, ẹ má wọ̀ ọ́ láti fa omi rẹ̀, ẹ má sì ki páìpù ẹ̀rọ afami bọ̀ ọ́, títí tí ẹ ó fi gbọ́ láti ẹnu òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná fúnra rẹ̀ pé ó ti pa á. Nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì iná àti ti omi gbọ́dọ̀ wà lójú ewé náà, kí wọ́n sì ti pè é wò ṣáájú ọjọ́ náà bóyá ẹnì kan yóò gbé e.

Nígbà tí wọ́n bá ri páìpù tuntun tán, kí wọ́n jẹ́ kó jìnnà sí wáyà ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30. Kí wọ́n fi yanrìn tí kò ní òkúta yí wáyà náà ká, kí wọ́n dá bíríkì padà sórí rẹ̀, kí wọ́n sì na ọ̀já ike ìkìlọ̀ lókè. Kí wọ́n wọn ibi tó wà láti igun ilé tàbí òpó tí kò ní kúrò níbẹ̀, kí wọ́n má wọ̀n ọ́n láti igi tàbí láti etí títì, kí wọ́n sì kọ bó ṣe jìn tó lónìí pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ̀dà kan lọ sí iléeṣẹ́ iná, ọ̀kan sí iléeṣẹ́ omi, ọ̀kan sọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn tí ọ̀gá sáìtì bá ti ka àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, tó rí i pé gbogbo wọn ti jáde, ìgbà yẹn ni yóò fọwọ́ sí ìwé àṣẹ náà padà fún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná, kí ìyẹn tó tú ohun tó fi so wáyà mọ́ ilẹ̀, kó yọ káàdì ìkìlọ̀ kúrò, kó sì dá fíúùsì padà.